Níbo ni iṣu ti ń rí ìwọ̀n rẹ̀? Ohun tí ewé ń fi ìmọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe

Bí ènìyàn bá ra iṣu kan tó wọn kílò 3 ní ọjà Ìkàrẹ́-Àkókó, tó wá bi ẹni tó tà á pé níbo ni iṣu náà ti rí gbogbo ìwọ̀n yẹn, ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu onítọ̀hún ni pé láti inú ilẹ̀ ni. Ó ṣe tán, inú ebè ni wọ́n ti wà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá yọ omi kúrò nínú iṣu, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Ewé tó wà lórí ọ̀pá ló kó o jọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà kan tó ń jẹ́ Jan van Helmont, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, gbin igi kékeré kan tó wọn páùn 5 sínú ìkòkò tó ní páùn 200 iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Omi nìkan ló ń bu sí i fún ọdún 5. Nígbà tó fà á tu, igi náà ti wọn páùn 169, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba áńsì 2 péré ló dín nínú iyẹ̀pẹ̀ náà. Wọ́n tẹ ìròyìn iṣẹ́ yìí jáde lọ́dún 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé omi nìkan ló di igi. Ó rí i pé kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí kò mọ̀ yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sínú ìwé báyìí, tí wọ́n ń pè ní fótósíńtẹ́sísì:

6CO₂ + 6H₂O → C₆H₁₂O₆ + 6O₂

Ọ̀pọ̀ ló há a sórí, àmọ́ kò le. CO₂ ni kábọ́n dáyọ́síáìdì, afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde, tí èéfín iná náà sì ń gbé jáde. H₂O ni omi. C₆H₁₂O₆ ni ṣúgà tí à ń pè ní gúlúkóòsì. O₂ ni ọ́síjìn tí à ń mí sínú. Ohun tó ń sọ ni pé ẹyọ afẹ́fẹ́ 6 àti ẹyọ omi 6 di ẹyọ ṣúgà 1, ẹyọ ọ́síjìn 6 sì jáde. Tí ẹ bá ka kábọ́n, háídírójìn àti ọ́síjìn tó wà ní apá méjèèjì ọfà náà, iye kan náà lẹ máa bá: 6, 12 àti 18. Kò sí èyí tó sọnù, kò sì sí èyí tó ṣàdédé wá.

Nítorí ìyẹn, a lè fi ìwọ̀n sí i. Gíráàmù 264 afẹ́fẹ́ yìí àti gíráàmù 108 omi ló ń di gíráàmù 180 ṣúgà àti gíráàmù 192 ọ́síjìn. Ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣu kílò 3 wa. Nǹkan bíi kílò 2 nínú rẹ̀ ni omi. Ká ní sítáàṣì inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 810. Ṣúgà tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra ni sítáàṣì, omi díẹ̀ sì ń kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bá ń so pọ̀, torí náà gíráàmù 900 ṣúgà ni ewé gbọ́dọ̀ ti ṣe. Ìyẹn gba gíráàmù 1,320 kábọ́n dáyọ́síáìdì àti gíráàmù 540 omi.

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, torí pé afẹ́fẹ́ yìí kò pọ̀ láyìíká wa. Nínú ìpín 10,000 afẹ́fẹ́, nǹkan bíi ìpín 4 péré ló jẹ́. Ká ní yàrá kan gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, ó sì ga ní mítà 3. Ewé iṣu náà máa ní láti gbọn gbogbo kábọ́n dáyọ́síáìdì inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ tó tó 49 kí iṣu kan ṣoṣo tó lè ta.

Ìmọ́lẹ̀ wá ńkọ́? Kò sí nínú òǹkà yẹn torí kò ní ìwọ̀n, àmọ́ òun ni agbára tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Kábọ́n dáyọ́síáìdì ló ń hó nínú mínírà. Òun àti omi jọ wà nínú ìgò kan náà, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò lè di ṣúgà láéláé. Ṣúgà tó wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ló bù ú sí i. Nínú ewé, àwọ̀ ewé tútù tí wọ́n ń pè ní kilorofíìlì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ewé fi ń tú omi sí wẹ́wẹ́. Ọ́síjìn inú omi jáde, háídírójìn lọ bá kábọ́n, ó di ṣúgà.

Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ Ọ̀kà-Àkókó fi ń ri ọ̀pá sí ìdí iṣu. Tí ìtàkùn bá gun ọ̀pá, ewé máa tẹ́ síta, ọ̀kan kò ní bo èkejì mọ́lẹ̀. Ká ní àgbẹ̀ kan gbin irú èbù kan náà sí ebè méjì, ọ̀kan ní gbangba, èkejì lábẹ́ igi kajú tó ṣú dùdù. Òjò kan náà ló rọ̀ sí méjèèjì. Ewé abẹ́ kajú ń ṣe ṣúgà díẹ̀ lọ́sàn-án, àmọ́ ewé, ìtàkùn àti gbòǹgbò náà ń jẹ nínú ṣúgà ọ̀hún tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè wà láàyè. Bí èyí tí wọ́n ṣe bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju èyí tí wọ́n jẹ lọ, kí ló kù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀? Àgbẹ̀ náà lè da ajílẹ̀ síbẹ̀ títí owó á fi tán lápò rẹ̀, ajílẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ oòrùn.

Ti omi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Omi tó ń di ṣúgà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ewé ń pàdánù. Ihò wínníwínní wà lára ewé, ibẹ̀ ni kábọ́n dáyọ́síáìdì ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni omi ń gbà fò lọ. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ewé á ti ilẹ̀kùn yẹn pa kó má bàa rọ. Omi kò jáde mọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ náà kò wọlé mọ́. Oòrùn lè máa ràn gan-an, iṣẹ́ ti dúró.

Ilẹ̀ kì í ṣe lásán o. Nàítírójìn àti mágínísíọ̀mù tó wà nínú kilorofíìlì, inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń fà wọ́n. Wọn ò pọ̀ ní ìwọ̀n, àmọ́ láìsí wọn ewé kò lè gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa.

Torí náà, kí àgbẹ̀ tó náwó, kó kọ́kọ́ wo ewé. Tí ìtàkùn bá gùn gbọọrọ, tó tín-ín-rín, tí ewé kan jìnnà sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Ẹ̀ka igi ni kó gé. Tí ewé bá rọ lọ́sàn-án tó sì jí padà nírọ̀lẹ́, ooru ọjọ́ náà ló fà á. Tó bá ṣì rọ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí iyẹ̀pẹ̀ ebè náà sì gbẹ, omi ti tán nílẹ̀ nìyẹn. Kó fi koríko gbígbẹ bo ebè. Tó bá jẹ́ pé ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, tí ti òkè ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nàítírójìn ló dín. Ìgbà yẹn ni ajílẹ̀ lè wúlò.