Ẹ Má Tíì Ra Sípíkà Tuntun

Ẹ̀yin ará wa nílùú Bìní, níbi ìpàdé kan nínú ọgbà, sípíkà Bùlútúùtù wà lórí tábìlì, fóònù sì wà lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Bí mo ṣe rìn jìnnà ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà, orin bẹ̀rẹ̀ sí gé. Wọ́n ní ká fowó ẹgbẹ́ ra òmíràn. Mo gbé fóònù sórí àga níbẹ̀ gan-an, mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, orin kò gé mọ́.

Ara mi ló dí i lọ́nà. Omi inú ara ènìyàn máa ń fa ìgbì Bùlútúùtù mu. Nínú yàrá, ògiri máa ń dá ìgbì náà padà, á sì yí ara wa kọjá. Níta, kò sí ògiri.

Bó bá ṣì ń gé lórí àga, ẹ pa Wáì-Fáì fóònù náà wò. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì sábà máa ń gbà.