Bí Pàjáwìrì Bá Dé, Tí Ọsibítù Tó Sún Mọ́ni Kò Sí Lórí Ìwé Ìnṣọ́ránsì

Ọ̀pọ̀ ará wa tó ń gbé Amẹ́ríkà ló mọ ìbẹ̀rù yìí. Àyà ń gún bàálé ilé lóru, òógùn sì bò ó. Ọsibítù kan kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kò bá ibẹ̀ ṣàdéhùn. Èyí tó wà lórí ìwé wọn wà lápá kejì ìlú, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Èwo ni kí ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ?

Èyí tó sún mọ́lé ni. Láti ọdún 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ọsibítù tó bá ń gba owó ìjọba tó ní ibùdó pàjáwìrì gbọ́dọ̀ yẹ ẹni tó bá wọlé wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ewu yóò fi kúrò lórí rẹ̀, ì báà lówó lọ́wọ́, ì báà má ní. Ohun tí òfin yẹn kò yanjú ni ẹni tí yóò sanwó. Ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ àwọn èèyàn: ìnṣọ́ránsì á san iye tó wù ú, ọsibítù á sì di ìyókù ru aláìsàn.

Òfin mìíràn ló wá dí ihò yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹ jẹ́ ká fi bàálé yẹn ṣírò rẹ̀. Ká ní bíìlì rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là, tí iye tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ bá àwọn ọsibítù tirẹ̀ ládùúgbò náà ṣàdéhùn lé lórí fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ 4,000. Ká tún ní ó ti san gbogbo owó tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti àpò ara rẹ̀ san lọ́dún náà, tó sì ku kó máa dá ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdá kan nínú márùn-ún 4,000 ni 800. Tẹ́lẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, yóò san 800 yìí, wọn á tún fi 6,000 tó kù bá a jà. Lónìí, 800 ni gbèsè rẹ̀ parí sí. Bí ọsibítù bá ní owó yẹn kéré, kí òun àti ìnṣọ́ránsì lọ dúnàádúrà láàárín ara wọn. Bí wọn kò bá gbọ́ra, onílàjà yóò dá sí i. Kò kan aláìsàn.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé kì í ṣe ọkàn ló ń dà á láàmú, pé oúnjẹ tí kò dà nínú rẹ̀ ni ńkọ́? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì dúró. Ohun tí òfin ń wò ni àmì tó rí lára rẹ̀ nígbà tó gbéra, bóyá ẹnikẹ́ni tó lóye á kà á sí pàjáwìrì. Kò sì nílò kó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì kó tó lọ.

Ibi méjì ni kí ẹ ti la ojú sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ańbúláǹsì. Òfin yìí kan èyí tó ń fò lófuurufú, ṣùgbọ́n kò kan ti orí ilẹ̀, àyàfi bí ìpínlẹ̀ kan bá ní òfin tirẹ̀. Bíìlì ańbúláǹsì lè tipa bẹ́ẹ̀ dé lọ́tọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí àyà ń gún kò gbọdọ̀ tìtorí owó kọ̀ láti pe 911.

Èkejì ni ìwé tí wọ́n lè gbé wá lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀. Ìwé náà ń sọ pé aláìsàn gbà láti yááfì ààbò òfin, kí wọ́n lè bu owó tó wù wọ́n fún ìtọ́jú tó kù. Bí pàjáwìrì bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìwé bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n tó lè gbé e wá, dókítà gbọ́dọ̀ ti rí i pé aláìsàn lè wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù tó wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀, tí kò jìnnà jù, tó sì ní àyè fún un, kí orí rẹ̀ sì pé dáadáa láti lóye ohun tó ń fọwọ́ sí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti kọ̀ ọ́, kó ní kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀.

Bí bíìlì bá dé, ẹ má tètè san án. Ẹ dúró de ìwé àlàyé tí ìnṣọ́ránsì yóò fi ránṣẹ́, kí ẹ fi iye tí wọ́n kọ pé aláìsàn jẹ wé ti ọsibítù. Bí ti ọsibítù bá ju tiwọn lọ, ẹ pe 1-800-985-3059 tàbí kí ẹ lọ sí cms.gov/nosurprises. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìnṣọ́ránsì ló kọ̀ láti sanwó, 180 ọjọ́ ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ wọn, láti ọjọ́ tí ìwé wọn bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.