Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Ẹni Tí Kò Tíì Ṣiṣẹ́ Rí

Kò tíì pé oṣù kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ibi tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ dé tó fi gbé lẹ́tà kan wá fún mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì ló ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, tí wọn yóò fi ọdún kan kọ́ níṣẹ́, tí wọn yóò sì máa sanwó oṣù fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà náà nìyí: "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní ìrírí iṣẹ́ kankan, mo jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára, mo sì máa ń tètè mọ nǹkan." Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tó sọ ni mo gbé wá sí èdè wa.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ìwáṣẹ́. Gbólóhùn yẹn, n kò lè ka iye ìgbà tí mo ti kà á. Ẹni tó kọ ọ́ ti tọrọ àforíjì kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀sùn kàn án, ó sì ti yin ara rẹ̀ láìfi ẹ̀rí kankan lélẹ̀. Nínú kó dáa nínú kó burú, kò sí ohun tí ẹni tó ń ka lẹ́tà lè fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bí òbí bá mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́, ọ̀gá kì í bi í pé ẹ́ńjìnnì mélòó lo ti tú palẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé kò tíì tú ọ̀kan. Ohun tó ń wò ni bóyá ọmọ náà ń lajú sílẹ̀, bóyá wọ́n lè rán an níṣẹ́ kó jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ, bóyá yóò sọ òótọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè rí. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ ti mọ̀ pé ẹ kò tíì ṣiṣẹ́ oṣù rí. Ìdí tí wọ́n fi pe ètò náà ní ti ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá wá ń sọ ọ́ fún wọn ní ìlà àkọ́kọ́ ti fi àyè tó ṣeyebíye ṣòfò.

Ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà kọjá yẹ ní mímọ̀. Lọ́pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá, kì í ṣe ènìyàn ló ń kọ́kọ́ ṣa orúkọ. Ẹ ó kọ́kọ́ kọ ìdáhùn sí ojú kọ̀ǹpútà: irú oyè tí ẹ gbà àti ìpele rẹ̀, bóyá ẹ ti sin ìlú tán, ọjọ́ orí yín, bóyá ẹ yege nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ní ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí kò bá bá òṣùwọ̀n wọn mu yóò já síbẹ̀, lẹ́tà tó dùn kò sì lè gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ìṣirò àti ti òye ọ̀rọ̀, tí aago ń ká mọ́ni lórí. Ìgbà tí èyí bá kọjá, tí wọ́n bá fẹ́ mọ àwọn tí wọn yóò pè wá jókòó níwájú wọn, ni ènìyàn ẹlẹ́ran ara sábà máa ń wá ka lẹ́tà. Òun náà ni wọn yóò mú dání lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni wọn yóò bi yín.

Mo wá bi ọmọ náà pé kí ló fi oṣù 6 áìtíì rẹ̀ ṣe. Ìmọ̀ oúnjẹ ló kà ní yunifásítì. Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe iṣẹ́ gidi kan nìyẹn o. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n gbé mi lọ. Ẹ̀rọ ni mò ń fọ̀."

Mo ní kó lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ fún áìtíì, tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ sí, tí ọ̀gá ibẹ̀ sì ń buwọ́ lù. Ìsàlẹ̀ àpótí ló ti fà á jáde. Ọ̀rá bọ́tà ti gba etí ìwé náà. A ń ṣí i léwé léwé títí a fi dé ojú ewé kan tó ya tábìlì sí: òwúrọ̀ ní apá kan, ọ̀sán ní apá kejì, nọ́ńbà jọ sísàlẹ̀ wọn.

"Kí nìyí?"

"Ṣé ẹ rí i, búrẹ́dì ọ̀sán máa ń rì láàárín. Wọ́n ní yíìsì ni kò dáa. Mo ṣáà ń fi tẹmómítà wọn ìyẹ̀fun tí wọ́n bá ti pò, kí n rí nǹkan kọ sínú ìwé ni."

Mo fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Ohun tó wà lójú ewé yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ bisikíìtì ń wá kiri, òun sì ti pa á mọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Yíìsì fẹ́ràn ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ìyẹ̀fun pípò bá gbóná jù, yíìsì yóò máa sáré, ìyẹ̀fun yóò wú kọjá bó ṣe yẹ kí iná tó dé bá a. Tó bá dénú ààrò, kò ní lágbára mọ́, àárín rẹ̀ yóò sì wọlẹ̀. Òwúrọ̀ tútù, ọ̀sán gbóná, omi inú táǹkì orí òrùlé náà sì gbóná. Ọmọ yìí kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, ó fi han ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ní kí wọ́n máa da yìnyín sínú omi tí wọ́n fi ń pò ó lọ́sàn-án.

Ìpínrọ̀ kejì lẹ́tà rẹ̀ wá di èyí:

"Ní oṣù 6 tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn, mo rí i pé búrẹ́dì tí a ń yan lọ́sàn-án máa ń rì láàárín ju ti òwúrọ̀ lọ. Mo fi ọ̀sẹ̀ 2 wọn ìgbóná ìyẹ̀fun tí a ti pò. Ti òwúrọ̀ wà ní nǹkan bíi 27°C, ti ọ̀sán ń dé 33°C. Mo fi àkọsílẹ̀ náà han ọ̀gá mi, ó sì pàṣẹ pé kí a máa fi yìnyín sínú omi ọ̀sán. Kí n tó kúrò níbẹ̀, èyí tó ń rì nínú 100 ti wálẹ̀ láti 12 sí 4."

Ẹ kíyè sí i pé kò pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kára níbikíbi. Kò sì sọ pé òun lòun ronú kan yìnyín. Ọ̀gá ló ni ìyẹn, ó sì fi í fún ẹni tó ni ín. Ohun tó rí, ohun tó ṣe, ẹni tó sọ fún, ohun tó yí padà: mẹ́rin péré. Ẹni tó ń kà á yóò dé ìdí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ pé ọmọ yìí ń lajú sílẹ̀.

Ìpínrọ̀ tó ṣáájú èyí kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: orúkọ ètò náà bí wọ́n ṣe pè é nínú ìpolówó, oyè tó gbà àti ìpele rẹ̀, oṣù tó parí ìsìn ìlú. Èyí tó tẹ̀ lé e ló fún un ní wàhálà, nítorí ibẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi jẹ́ iléeṣẹ́ yìí. Ó ti kọ tẹ́lẹ̀ pé iléeṣẹ́ wọn lókìkí káàkiri ayé. Mo bi í pé bí a bá yọ orúkọ wọn kúrò, tí a fi ti báńkì kan síbẹ̀, ṣé gbólóhùn náà yóò yí? Kò ní yí. Ó wá jáde lọ sọ́jà Bódìjà, ó bi àwọn tó ń ta bisikíìtì wọn léèrè ohun tí àwọn oníbàárà ń wí. Wọ́n ní lásìkò òjò, ó máa ń rọ̀ kí wọ́n tó tà á tán. Ó kọ ìyẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí iléeṣẹ́ ṣe ń yan ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà kí atẹ́gùn olómi má bàa wọlé. Kò bá wọn wí, kò sì kọ́ wọn níṣẹ́ wọn.

Ní 1973 ni àjọ tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò áìtíì yìí, nítorí pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń kígbe pé ìwé nìkan làwọn ọmọ yunifásítì mọ̀. Ọdún 1973 yẹn náà ni ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá la méjèèjì kọjá ti lo ọdún kan àbọ̀ níbi iṣẹ́. Ó dùn mí púpọ̀ tí mo bá rí ọmọ tó kó gbogbo rẹ̀ dànù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: n kò nírìírí.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló ní áìtíì. Ẹni tó ka ìtàn tàbí èdè kò lọ. Àmọ́ òun náà sin ìlú, bó sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n gbé e lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ̀pọ̀ wọn, ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì ní ìpínlẹ̀ Nasaráwá, níbi tí kò sí yàrá àyẹ̀wò. Omi zóbò ló fi ń dán nǹkan wò: ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí wọ́n kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì kúrò ní pupa nígbà tí wọ́n da omi eérú sí i. Gbólóhùn méjì ni èyí gbà nínú lẹ́tà. Ẹlòmíràn bá ìyá rẹ̀ ṣe ìṣirò gbèsè àwọn oníbàárà fún ọdún mẹ́ta. Ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́, bó bá lè sọ iye tó wà níta àti bó ṣe gbà á wọlé.

Irọ́ ni ẹ má ṣe fi dí àlàfo. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, ọkùnrin kan nínú àwọn mẹ́ta tó jókòó bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe yíìsì ló bàjẹ́?" Ó ní páálí yíìsì kan náà ni wọ́n fi pò ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, ti àárọ̀ sì ń dáa. Ọkùnrin náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó bá yá ìtàn ọlọ́ìtàn lò kò ní rí èsì yẹn fọ̀.

Ó kù díẹ̀. Kí lẹ́tà má kọjá ojú ìwé kan. Bí ẹ bá ń lo lẹ́tà àtijọ́, ẹ wò ó dáadáa kí orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn má ṣẹ́kù síbẹ̀. Mo ti rí i, kò sí ẹni tó kà á débi tó parí. Ẹ má fi fáìlì tó ń jẹ́ `CV.pdf` ránṣẹ́, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ yín ni kó jẹ́. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gba ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtikọ ti yín, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé àkọsílẹ̀ áìtíì yín jáde níbi tí ẹ jù ú sí, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan.