Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Fún Iṣẹ́ Tí Kò Tó Ọjọ́ Kan

"Mo ń ṣe é lọ́wọ́." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu télọ̀ rí? Àwa ní ẹ̀ka yìí mọ̀ pé 'ń' yẹn ń tọ́ka sí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ atẹ́rẹrẹ, ṣùgbọ́n aṣọ náà lè wà nínú báàgì láti ọjọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn Tòyótà, tó ń ṣe ọkọ̀ ní Jàpáànù, ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ya àsìkò iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àsìkò ìdúró. Ẹ jẹ́ ká pè é ní máàpù ìrìn iṣẹ́. A ó tẹ̀lé ọjà kan láti ìgbà tí oníbàárà bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà á. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀; ibi tí ọjà bá ti kó jọ, a ó ya onígun mẹ́ta síbẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ìlà tó dà bí àtẹ̀gùn: ìdúró lókè, iṣẹ́ nísàlẹ̀.

Ká fi agbádá kan ṣe àpẹẹrẹ, ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 9 lójúmọ́. Wíwọn oníbàárà gba ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà aṣọ tò sẹ́yìn. Báàgì 12 ló wà níwájú rẹ̀, 3 ni télọ̀ ń gé lójúmọ́: ọjọ́ 4 nìyẹn, a ò tiẹ̀ nílò láti bi ẹnikẹ́ni. Gígé gba ìṣẹ́jú 45. Ó tún dúró fún ọjọ́ 3, torí pé télọ̀ kì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí ọrùn aṣọ àfi tó bá ti kó márùn-ún jọ. Lọ́dọ̀ onítọ̀hún, ó fi ọjọ́ 4 dúró kí iṣẹ́ wákàtí 4 tó bẹ̀rẹ̀. Ó padà wálé, wọ́n fi wákàtí 3 rán an pọ̀. Ó dúró fún ọjọ́ 2 torí kò sí iná fún áyọ̀ọ̀nù, lílọ̀ sì gba ìṣẹ́jú 30.

Gbogbo iṣẹ́ jẹ́ wákàtí 8 àti ààbọ̀, ìdúró jẹ́ ọjọ́ 13. Télọ̀ tó ní "iṣẹ́ ọjọ́ kan ni" kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tó ń ka ọjọ́ mẹ́rìnlá kò parọ́.

Bí télọ̀ bá ra ẹ̀rọ tó ń ránṣọ ní ìlọ́po méjì, wákàtí kan àti ààbọ̀ péré ló jèrè. Bó bá ń gbé èyí tó bá gé lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọnà ní alaalẹ́, ọjọ́ 3 yẹn kò ní ju ọjọ́ kan lọ. Owó ọ̀kadà yóò pọ̀ sí i, òun ni yóò wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ìlà tó wà lọ́hùn-ún kò ní gùn sí i, torí iye aṣọ tó ń dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kò yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ìdúró là ń gé kúrò. Aṣọ òwú tí a rẹ sómi kó má bàa sún kì lẹ́yìn rírán gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gé e.

Ẹni tó bá jókòó lórí àga ọ̀gá ya máàpù yìí yóò kọ iye tí ọ̀gá rò. Ẹ dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oníbàárà ti ń gba aṣọ, ẹ máa rìn padà sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ ka báàgì. Àwòrán ọjọ́ kan sì ni. Eyí tí ẹ yà ní oṣù Kẹfà kò wúlò fún Kérésì: télọ̀ ṣì ń gé 3 lójúmọ́, ṣùgbọ́n bí báàgì bá ti di 40, ó ju ọjọ́ 13 lọ kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ yín.