Díráìfù Ìta fún PS5: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé háàdì díráìfù kan wálé, ó kì í bọ ihò USB fífẹ̀ tó wà níwájú PS5 rẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ihò yẹn kò yára tó. Ti ẹ̀yìn ni kí ẹ lò. Díráìfù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ USB 3.0 ó kéré tán, kí àyè rẹ̀ má dín ní 250 gigabáìtì, kó má sì ju tẹ́ràbáìtì 8 lọ.

A wá lọ sí `Settings`, `Storage`, `USB Extended Storage`, ó kù ká tẹ `Format as USB Extended Storage`. Mo ní kó dúró ná. Gbogbo ohun tó wà nínú díráìfù ni yóò parẹ́, fọ́tò ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀! A kọ́kọ́ dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà.

Géèmù PS4 ń ṣiṣẹ́ tààrà láti orí díráìfù ìta. Ti PS5 kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìpamọ́ lásán ni, ìbáà jẹ́ SSD. SSD inú ẹ̀rọ náà ń ka nǹkan bí 5,500 megabáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Háàdì díráìfù ń ka bí 100. Nítorí náà, ẹ ó dá géèmù náà padà sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó gbá a. Bó bá jẹ́ 100 gigabáìtì, háàdì yóò gba bí ìṣẹ́jú 17. SSD ìta tó ń rìn ní 400 yóò gba bí ìṣẹ́jú 4. Ẹni tó bá fẹ́ àyè tí géèmù PS5 yóò ti máa ṣiṣẹ́ gan-an, SSD M.2 tí wọ́n ń dè mọ́ inú ẹ̀rọ ni kó rà.