Aṣọ Tútù fún Awọ Tí Ń Yún

Tí ọyẹ́ bá mú, ọmọ tó ní ẹ́kísímà kì í rí oorun sùn. Inú ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún ni yóò máa họ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. Àwọn òbí kan máa ń rò pé làpálàpá ni, wọ́n á sì máa fi oògùn làpálàpá pa á lásán. Lára aláwọ̀ dúdú, ojú ibẹ̀ kì í sábà pọ́n: ó lè dúdú ju ibi yòókù lọ, tàbí kó ṣe bí eérú.

Awọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í di omi mú dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà awọ ara fi máa ń lo aṣọ tútù nígbà tó bá le.

Ká mú ọmọ ọdún 4 kan. Ìyá rẹ̀ á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, á sì fi tówẹ̀lì tẹ ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kò ní nù ún kíkankíkan. Tí dókítà bá ti kọ ìpara sìtẹ́rọ́ìdì fún un, ibi tó ń yún nìkan ló máa fi í sí. Lẹ́yìn náà ni fáásílíìnì púpọ̀ yóò kan gbogbo ara, kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán. Á wá ki aṣọ òwú bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fún un dáadáa, á wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà, á sì fi aṣọ gbígbẹ bò ó lórí. Wákàtí méjì tó, ó sì lè di òwúrọ̀. Tí ọmọ bá ń gbọ̀n, kó bọ́ ọ.

Ọjọ́ díẹ̀ ni ìtọ́jú yìí wà fún, lábẹ́ ojú dókítà, torí sìtẹ́rọ́ìdì máa ń wọ ara ju bó ṣe yẹ lọ lábẹ́ aṣọ tútù. Bí ojú egbò bá ń ṣomi, tí èépá rẹ̀ pọ́n bí oyin, tàbí tí ara ọmọ gbóná, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Kí wọ́n má fi aṣọ tútù dì í. Ọsibítù ló kàn.

Ìgúnpá ọmọ náà rọ̀, àmọ́ ọrùn rẹ̀ kò gbà. Ibi tí egbò kọ̀ láti kúrò sábà máa ń tọ́ka sí ohun tó ń kàn án. Ìyá náà rántí pọ́dà olóòórùn dídùn tó máa ń bù sí ọrùn rẹ̀ lálaalẹ́. Ó pa pọ́dà tì, kò sì yí nǹkan mìíràn padà lọ́sẹ̀ náà, kó lè mọ èyí tó fà á. Ọrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jinná.

Látìgbà náà ló ti ń ka ẹ̀yìn ìgò kó tó rà á. Tó bá rí “Parfum”, ó ti dá a padà. “Fragrance-free” ló ń wá. “Unscented” kò tó, torí wọ́n lè ti fi èròjà olóòórùn kan bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀.