Gbèsè Tí A Gbà àti Èyí Tí A Kò Gbà

Ká ní oníṣòwò simẹ́ǹtì kan n'Íbàdàn gba ìnfọ́ìsì ₦1,200,000 lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ọjà fún un: simẹ́ǹtì ₦1,120,000, owó ọkọ̀ ₦80,000. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló sì fi kó ẹrù. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí wébíìlì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò tíì sanwó, ó fẹ́ àyè sí i.

Bó bá ní, "Ẹ tún owó yẹn wò kí n tó san," àwáwí ni lójú olówó. Bó bá sì kàn tọrọ àyè láìmẹ́nu ba owó ọkọ̀, wọ́n lè sọ pé ó ti gba gbogbo gbèsè náà. Kó ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí ọjọ́ ìsanwó tó pé:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a jẹ yín ní ₦1,120,000. A san ₦320,000 lónìí, fún simẹ́ǹtì nìkan. ₦400,000 ń bọ̀ lópin oṣù yìí, ₦400,000 lópin oṣù tó tẹ̀ lé e. A kò gba ₦80,000 owó ọkọ̀. Wébíìlì rè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa níwèé tó yọ ọ́ kúrò."

"Fún simẹ́ǹtì nìkan" yẹn ṣe pàtàkì: láìsí i, akọ̀wé owó lè kọ́kọ́ fi owó náà pa gbèsè ọkọ̀ rẹ́.